Ta Ni Yóò Pe Agbẹ́kànga?

Gbogbo wa la fohùn ṣọ̀kan níbi ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa pé kí a gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ilé-ìwé. A pàtẹ́wọ́, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a túká. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tíì pe agbẹ́kànga kankan. Akápò rò pé èmi akọ̀wé ni; èmi rò pé igbákejì alága ni, torí òun ló ní òun mọ ẹnì kan. Mínìtì wà nínú ìwé mi, ojú ewé mẹ́rin gbáko, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ilé fẹnu kò pé kí a wá agbẹ́kànga." Ta wá ni ń jẹ́ Ilé?

Mínìtì ò jẹ̀bi. Ẹ̀rí ni: ta ló wá, ta ló dábàá, ta ló kín in lẹ́yìn. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni a óò kà á, tí a óò gbà á wọlé, kí alága àti akọ̀wé tó fọwọ́ sí i. Bí ìjà bá dé lọ́jọ́ iwájú, òun la ó ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè dúró dè é.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo fi ímeèlì yìí ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ àná o. A pinnu pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kànga yóò wà. A kò tíì pinnu ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. Igbákejì alága yóò gba iye owó lọ́wọ́ agbẹ́kànga mẹ́ta, yóò fi ránṣẹ́ sí akápò, ó pẹ́ tán, Jímọ̀, ọjọ́ 14. Èmi yóò mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 12. Bí mo bá ṣi ohunkóhun gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, torí iṣẹ́ tí a bá fún ẹni méjì, oníkálùkù yóò máa wojú ẹnìkejì. Àwọn tó niṣẹ́ ni mo fi sí "To", àwọn yòókù wà ní "Cc". Gbólóhùn "a kò tíì pinnu" ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ àbá tirẹ̀ di ìpinnu. Ẹni tí kò sì wá sípàdé, mo máa ń pè é lórí fóònù kí n tó kọ iṣẹ́ mọ́ ọn lórúkọ. Kò dáa kó jẹ́ inú ímeèlì ni yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Kò tó wákàtí méjì tí igbákejì alága fèsì: "Akọ̀wé, agbẹ́kànga méjì ni mo gbà, kì í ṣe mẹ́ta." Òótọ́ ni. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa padà. Ní Ọjọ́bọ̀, iye owó méjèèjì ti wà lọ́wọ́ akápò.