Lẹ́tà Olùkọ́ Nípa Ọmọ Tó Ti Ń Kàwé

Bí ìwé bá ti ilé-ìwé wá, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ òbí ni owó ilé-ìwé tàbí ẹjọ́. Ọmọ jà, ọmọ sá kúrò ní kíláàsì, ọmọ fìdí rẹmi. Ó ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ jókòó kọ̀wé láti sọ pé ọmọ tó ń fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síwájú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́, gbólóhùn kan náà ló sábà máa ń jẹ́: “Ó ti ń ṣe dáadáa, ẹ máa bá a lọ.” Inú òbí á dùn, á ká ìwé náà sínú báàgì, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ní kí òun máa bá lọ gan-an.

Ìwé èsì ìdánwò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ipò ló máa ń tẹnu mọ́. Ọmọ tó ṣe ipò 31 nínú ọmọ 40 ní sáà kìn-ín-ní lè tún ṣe ipò 30 ní sáà kejì, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ ìwé kà láàárín. Gbogbo kíláàsì ló ń rìn, òun náà sì ń rìn, nítorí náà ipò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ rí ìtẹ̀síwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọmọ náà wé ara rẹ̀: kí ni kò lè ṣe ní oṣù Kìn-ín-ní tó ti ń ṣe báyìí?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àdùkẹ́ la ó pè é. Kì í ṣe ọmọ kan pàtó, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ti kọ́ kíláàsì kẹta rí yóò dá irú rẹ̀ mọ̀. Bí sáà kejì ṣe bẹ̀rẹ̀, Àdùkẹ́ ń méfò ni. Bó bá ti rí “àgb” níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, “àgbàdo” ni yóò pè é, ìbáà jẹ́ “àgbàlá” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó sì máa ń ka “gb” bíi “b”, débi pé “gbé” di “bé” lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni olùkọ́ fi ń kó òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn jọ láràárọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ka sílébù lára páálí pélébé, tí wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀.

Kí olùkọ́ tó mú gègé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ara rẹ̀ lójú pé òótọ́ ni ọmọ náà ti tẹ̀ síwájú. Ọmọdé lè tan ni jẹ láìmọ̀. Ọmọ tó ń fi orin ka “ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè má dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Orin ló mọ̀. Ẹ fi ìka tọ́ “bọ”, ẹ fò padà sí “be”, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bó ṣe jẹ́. Bákan náà ni ìwé tí wọ́n ti kà léraléra ní kíláàsì ṣe rí. Àwòrán inú rẹ̀ àti ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ ti kọ́ ọmọ ní gbogbo ìtàn náà sórí. Nítorí náà, ìtàn kúkúrú tí ọmọ kò rí rí ni wọ́n ń lò, láìsí àwòrán. Olùkọ́ á fún un ní ìṣẹ́jú kan, á ka iye ọ̀rọ̀ tó pè gááń, á sì ní kó sọ ohun tó kà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, á tún fi ìtàn mìíràn ṣe é, nítorí ọjọ́ kan lè dára ju òmíràn lọ.

Nígbà náà ni lẹ́tà tó kọ sí ìyá rẹ̀ lè rí báyìí:

“Màmá Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ 11 ni Àdùkẹ́ lè kà ní ìṣẹ́jú kan nínú ìtàn tí kò rí rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka 34, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà fún mi. Kò méfò mọ́. Ó ń wo ọ̀rọ̀ dé òpin kó tó pè é. Èyí tó kù ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ‘an’, ‘in’ àti ‘un’, wọn ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ jẹ́ kó máa kàwé sí yín létí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ fún un láyè díẹ̀ kó gbìyànjú rẹ̀. Bó bá kà á tán, ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń kà á láìwo ìwé, ẹ ránṣẹ́ sí mi kí n fún un ní òmíràn. Màá pè yín ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù láti gbọ́ bó ṣe ń lọ.”

Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè ṣe gbogbo ohun tí lẹ́tà yìí bèèrè. Etí ló nílò, àti ìbéèrè kan. Olùkọ́ kò ní kó ra ìwé tuntun tàbí kó san owó lẹ́sìn. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tó bá wà nílé, tàbí Bíbélì, tàbí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ṣe é. Èdè tí ìyá gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ pẹ̀lú, kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá kà á fún un má baà máa túmọ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tó lè kà á, kí olùkọ́ pè é lórí fóònù kó sọ ọ́ fún un.

Ìdí wà tí lẹ́tà náà kò fi dá dúró sórí ìyìn. Ní ọdún 2015, Matthew Kraft àti Todd Rogers tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi àkókò ìsinmi tún iṣẹ́ tí wọ́n ti fìdí rẹmi kọ́. Gbólóhùn kan ni olùkọ́ ń fi ránṣẹ́ sí òbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín àwọn tí òbí wọn kò gba nǹkan kan, bíi 16 nínú 100 ni kò yege. Láàárín àwọn tí òbí wọn ń gba ọ̀rọ̀, iye náà wálẹ̀ sí bíi 9. Gbólóhùn tó sọ ibi tó kù fún ọmọ láti tún ṣe ló sì ṣiṣẹ́ jù, ó ju èyí tó kàn yìn ín lọ.

Ohun tó mú ìtẹ̀síwájú wá ló gbọ́dọ̀ pinnu ìmọ̀ràn tí olùkọ́ máa fún òbí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń ṣìnà. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé Àdùkẹ́ wá sí ìjókòó iwájú ni nǹkan yí padà, ìwé kíkà lálẹ́ kọ́ ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ bèèrè. Kí wọ́n mú un lọ yẹ ojú wò ni. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti dẹ́kun pípẹ́ dé ilé-ìwé ni, kí wọ́n má jẹ́ kí ìpolówó àárọ̀ tún dá a dúró.

Àwọn òbí mìíràn wà tí ayọ̀ lẹ́tà á mú kí wọ́n wá olùkọ́ lẹ́sìn méjì, tàbí kí wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ka 60 ṣe odiwọ̀n fún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti máa fara balẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré méfò, nítorí pé iye ni wọ́n ń bi í. Bí olùkọ́ bá ti mọ̀ pé ilé kan rí bẹ́ẹ̀, kó yọ iye ọ̀rọ̀ kúrò nínú lẹ́tà, kó sì kọ ohun tí ọmọ náà ti lè kà báyìí.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló máa ń gba ìwé kíkà lọ́wọ́ ọmọ jù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá pín ìwé èsì lọ́jọ́ ìparí sáà. Ẹ kọ lẹ́tà náà nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òbí lè rí yín bi ní ìbéèrè, kí ọmọ sì ti mọ àṣà ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kí ilé-ìwé tó tì.