Nígbà Tí Ìjíròrò Bá Gùn Ju Agbára Ẹ̀rọ Lọ

Ẹ̀rọ tó ń báni fọ̀rọ̀ wérọ̀ kì í dá rántí nǹkan. Bí èèyàn bá ti kọ ọ̀rọ̀ tuntun, áàpù á tún kó gbogbo ìjíròrò náà fún un kà látòkè délẹ̀.

Àmọ́ ohun tó lè kà lẹ́ẹ̀kan níwọ̀n. Tókìnì, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀, 4,096 péré ni GPT-3.5 ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Àmì ohùn Yorùbá sì máa ń tètè jẹ ẹ́ tán.

Ká ní alásè kan ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé àlejò òun kì í jẹ ẹ̀pà. Bí áàpù bá ń gé ọ̀rọ̀ àtijọ́ dànù, ẹ̀rọ lè ní kó se ọbẹ̀ ẹ̀pà. Bó bá ń ṣe àkópọ̀, ó lè kù sí “wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ àlejò”. Ó sàn kí áàpù ya ọ̀rọ̀ ẹ̀pà sọ́tọ̀, kó máa fi ṣáájú nígbà gbogbo, kó ṣe àkópọ̀ ti àárín, kó sì fi ti ẹnu àìpẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.