Igi mélòó ni òrùlé ilé àgbàdo yín yóò gbà? Ẹ ka ègé kí ẹ tó ka igi

Igi tí a ń rà fún òrùlé ní sọ́mìlì ní Nàìjíríà sábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń ro gbogbo gígùn tí òrùlé nílò pọ̀, wọ́n á wá fi 12 pín in. Iye tó bá jáde kì í tó, torí pé ègé kúkúrú tó ṣẹ́kù lára igi méjì kò lè di igi gígùn kan. Bí igi bá wá tán nígbà tí káfíńtà ṣì wà lórí ògiri, ẹ ó san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òjò sì lè bá àgbàdo níta.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé àgbàdo kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tó gùn ní 32, tí a máa fi páànù bò. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ló wà láàárín egungun òrùlé kan àti èkejì. Bí a bá pín 32 sí 4, a ó rí 8. Ẹ fi 1 kún un fún èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀, ó di egungun 9. Góńgó òrùlé ga ju orí ògiri lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́mìlì, ẹ fi okùn àti ẹfun ya ìdajì egungun kan sórí ilẹ̀ títẹ́jú: ẹsẹ̀ bàtà 9 ní ìdábùú, 4 àti ààbọ̀ ní òró. Ẹ wá fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ tó dàgẹ̀rẹ́. Yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì 1.

Ègé tí egungun kan gbà

- Ráfítà, 2: ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì 1, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ kún un fún etí òrùlé, àti íńṣì 2 fún ẹnu tí a gé dàgẹ̀rẹ́. Ó di ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 9. Igi kan, ráfítà kan.
- Igi ìdábùú, 1: ẹsẹ̀ bàtà 18. Odindi igi kan, tí a so nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́ láti ara igi kejì. Kí ojú ìsopọ̀ má ṣe bọ́ sí abẹ́ òpó àárín.
- Òpó àárín, 1: ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀. Inú ìyókù igi kejì yẹn ló ti máa jáde.
- Pákó ìsopọ̀, 2: ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 10, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ojú ìsopọ̀. Mẹ́rin ló ń jáde lára igi kan. Ẹ má ṣe pè é ní 3, torí pé ayùn máa ń jẹ díẹ̀ lára igi níbi tó bá ti kọjá.
- Igi ìtì, 2: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 2. Tú-bái-tirí kan á fún yín ní méjèèjì.

Yàtọ̀ sí igi ìtì, tú-bái-fọ́ọ̀ ni gbogbo ìyókù.

Àròpọ̀ fún egungun 9

Ráfítà gba igi 18. Igi ìdábùú àti òpó àárín gba 18. Pákó ìsopọ̀ 18 gba igi 5. Tú-bái-fọ́ọ̀ di 41, tú-bái-tirí di 9. Ẹni tó kàn ro gígùn pọ̀, tó fi 12 pín in, 39 tú-bái-fọ́ọ̀ ni yóò rà.

Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún igi tó là lẹ́nu, èyí tó ló, àti èyí tí káfíńtà bá ṣì gé. Ẹ ra tú-bái-fọ́ọ̀ 45 àti tú-bái-tirí 10. Bí olùtajà kò bá jẹ́ kí ẹ ṣa igi fúnra yín, ẹ jẹ́ kí àlékún náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí páànù yóò kàn mọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ kà á lọ́tọ̀.

Ibi tí owó ti ń sá lọ

Íńṣì 3 péré ló ṣẹ́kù lára igi ráfítà. Bí ẹ bá fi íńṣì 6 kún etí òrùlé, igi ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ní tó mọ́. Ẹ ó ní láti so ègé bí ẹsẹ̀ bàtà 3 mọ́ ráfítà 18, ìyẹn igi 5 sí i, pẹ̀lú ìṣó àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ pinnu èyí kí ẹ tó ra igi.

Nítorí náà, ẹ mú téèpù lọ sọ́mìlì. Igi tí wọ́n pè ní 12 lè dín ní íńṣì díẹ̀. Èyí tí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 9 lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ẹnu tó là kúrò, ẹ má ṣe kà á mọ́ ráfítà. Ẹ fi ṣe pákó ìsopọ̀. Ẹ gbé ojú sí ìpẹ̀kun igi kan kí ẹ wo ìkejì, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ló. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ náà: bí ráfítà kan bá jẹ́ íńṣì 4, tí èkejì jẹ́ 3 àti ààbọ̀, páànù kò ní tẹ́jú.

Ilé tí a fi páànù bò, tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ, ni a ṣe ìṣirò yìí fún. Bí tiyín bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó jẹ́ táìlì tó wúwo lẹ fẹ́ fi bò ó, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ya egungun náà fún yín kí ẹ tó ka igi.