Pẹ́náritì Tó Gba Ọ̀sẹ̀ Kan

Irun orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Gato Díaz ni wọ́n ń pè é. Gato sì ni ológbò lédè Sípáníìṣì. Osvaldo Soriano, òǹkọ̀wé ọmọ Ajẹntínà tó kú ní 1997, ló dá aṣọ́lé yìí sínú ìtàn kúkúrú kan tí kì í sú mi í kà.

Àfonífojì odò Río Negro ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1958. Estrella Polar, ẹgbẹ́ tí ilé wọn kò ju ibi tí àwọn ọ̀mùtí ti ń ta káàdì lọ, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í borí lọ́dún yẹn. Ó wá ku àṣekágbá pẹ̀lú Deportivo Belgrano, àwọn tó ti sọ ife-ẹ̀yẹ di ogún ilé. Ọ̀mì péré ti tó Belgrano. Estrella Polar ti fi 2 sí 1 ṣíwájú kí rẹfirí tó fun fèrè pẹ́náritì nígbà tí eré ń parí lọ. Ìjà bẹ́, wọ́n lu rẹfirí lulẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú. Ìgbìmọ̀ ìdíje dájọ́ pé ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí wọ́n padà wá gbá pẹ́náritì náà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, láìsí òǹwòran kankan.

Mítà 11 ló wà láàárín ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé àti ojú ilé, ojú ilé sì fẹ̀ tó mítà 7.32. Bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ líle gbá kì í pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ́nà. Aṣọ́lé tó bá dúró kó tó rí ibi tó ń lọ ti pẹ́ jù. Ó di dandan kó ti yan apá kan lọ́kàn. Èrò ọkàn yìí, tí a kì í rí lórí pápá, ni Soriano fà gùn di odidi ọ̀sẹ̀ kan. Gato mọ̀ pé apá ọ̀tún ni Constante Gauna máa ń gbá a sí. Gauna náà mọ̀ pé Gato mọ̀. Gato sì mọ èyí pẹ̀lú. Ibo ni kó wá fò sí? Gbogbo ìlú ń bá a rò ó, obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sì ní kó kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀lù náà ná.

Ó mú un. Ṣùgbọ́n wárápá gbé rẹfirí ṣánlẹ̀ bí Gauna ṣe ń sáré bọ̀, kò sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá. Ibí yìí ló máa ń mú ọkàn mi jù: ìrònú ọ̀sẹ̀ kan ti tán lọ́wọ́ méjèèjì, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Gauna gbá a, Gato fò, ó sì tún mú un.

Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, ọ̀dọ́mọdé aláfojúdi nígbà náà, dúró níwájú Gato láti gbá pẹ́náritì. Òrùka ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ bàbá náà, kì í ṣe ti obìnrin ọjọ́sí. Ọmọdékùnrin náà fi ẹsẹ̀ òsì gbá a mọ́lẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ara ti le, Gato ò ní lè débẹ̀. Bó ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò nínú àwọ̀n, bàbá náà ń dìde díẹ̀díẹ̀, ó ní bó pẹ́ bó yá, ọmọ náà yóò máa ròyìn fáwọn èèyàn pé òun jẹ góòlù lọ́wọ́ Gato Díaz, àmọ́ kò ní sí ẹni tí yóò rántí òun mọ́.