Bí A Ṣe Ń Bẹ̀bẹ̀ Kí Ìpàdé Wákàtí Kan Di Ti Ìṣẹ́jú 15

Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá pe ìpàdé wákàtí kan nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tó jókòó ṣírò pé wákàtí kan ni iṣẹ́ náà máa gbà. Bẹ́ẹ̀ la ti ń pè é látẹ̀yìnwá, bẹ́ẹ̀ náà la sì tún pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà níbi iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ pàápàá ń dá kún un: bí ẹ bá fẹ́ kọ ìpàdé sínú Google Calendar, wákàtí kan ló máa kọ fún yín fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ bá yí i padà. Nítorí náà, wákàtí tí wọ́n dárúkọ kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni di mú gírígírí. Ó ṣeé bá wọn sọ.

Ibi tó ti le ni pé ẹni tó pe ìpàdé sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bí ọmọ ọgọ́rùn-ún méjì lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá kọ ọ́ sójú gbogbo ènìyàn pé "Ìpàdé yìí ti gùn jù," ohun tí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́ ni pé "ẹ fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò." Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìṣẹ́jú, ó ti di ọ̀rọ̀ ta ló tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan àkókò rárá. Ohun tí a fẹ́ fẹnu kò lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àsè ìparí ọdún fún ẹ̀ka wa. Ẹni mẹ́fà ni yín. Alága yín jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ọ́ pé ìpàdé máa wáyé lórí Zoom ní ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nǹkan márùn-ún ló tò síbẹ̀: ìjábọ̀ akápò, ìjábọ̀ àwọn tó lọ wo gbọ̀ngàn, iye tí alásè pè, owó tíkẹ́ẹ̀tì, àti "ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn léèrè pé: bí a bá sọ̀rọ̀ lórí èyí tán, kí ni a óò ti fẹnu kò lé lórí? Owó tó wà lọ́wọ́ akápò kò ní yí padà nítorí pé a jọ gbọ́ ọ. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n sì ti mọ iye rẹ̀. Alásè ti pe iye tirẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìròyìn ni, a sì lè ka ìròyìn nínú ìwé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló nílò kí ènìyàn mẹ́fà gbọ́ ohùn ara wọn.

Nígbà náà, ẹ lọ gba ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ wọ́n sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ní gbọ̀ngàn jẹ́ ₦150,000. Oúnjẹ jẹ́ ₦3,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 100 ni a ń retí, ìyẹn ₦350,000. Àga àti ẹ̀rọ orin jẹ́ ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦560,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ti dá ₦120,000, ó wá ku ₦440,000. Nínú ènìyàn 100 yẹn, 20 jẹ́ olùkọ́ àti àlejò tí kò ní sanwó, nítorí náà ẹni 80 ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦5,000, a óò rí ₦400,000, a ó sì wá ₦40,000 tó kù láti ibòmíràn. Bó bá jẹ́ ₦5,500, owó pé géérégé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn: ṣé ká fi ₦500 kún ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí ká tún padà lọ bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n wa fún ₦40,000? Ẹ kíyè sí i pé kí ẹ tó ṣírò rẹ̀, "owó tíkẹ́ẹ̀tì" lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni mẹ́fà ì bá sì ti dárúkọ iye mẹ́fà.

Kí ìwé yìí tó di ti gbogbo ìgbìmọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí alága nìkan, ní kọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sójú WhatsApp ẹgbẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ gbà, inú rẹ̀ á dùn pé òun fúnra rẹ̀ ló máa kéde rẹ̀. Bí kò bá sì fẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ béèrè. Ọjọ́rú ló dáa kí ó tó o lọ́wọ́. Ohun tí ẹ máa kọ lè lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú làálàá àsè yìí. Mo ti gba ìròyìn lọ́wọ́ akápò, lọ́wọ́ àwọn tó lọ wo gbọ̀ngàn àti lọ́wọ́ alásè, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé tó wà nísàlẹ̀ yìí kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe rí i, ohun kan ló kù tí a máa fẹnu kò lé lórí: ₦5,000 tàbí ₦5,500. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn sà, mo rò pé a lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, láti aago mẹ́rin. A ò ní fi wákàtí yẹn sí nǹkan mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá kù, a óò máa bá a lọ. Ṣé nǹkan mìíràn wà lọ́kàn yín tí mi ò rí?"

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Èkíní fi yé e pé wákàtí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn fún ènìyàn láti gbà kí ìpàdé tètè parí ju kí ó gbà kí wọ́n gé e lọ. Èkejì ń wá ohun tó fara pa mọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tó pe wákàtí kan ní ìdí tí kò kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀gbọ́n dáhùn pé: "O ṣeun, ó dáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí owó ọdún tó kọjá, àwọn kan ń kùn." Òótọ́ ti jáde nìyẹn. Àbọ̀ wákàtí ni ó fẹ́ fi wọ inú "ọ̀rọ̀ mìíràn." Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fún mọ́ inú ìṣẹ́jú 15, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó ń kùn kò wá kí a yára dá a lóhùn. Ó wá kí a gbọ́ òun dé òpin. Ohun tí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a pín in sí méjì: tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé fún ìṣẹ́jú 15, kí títà lè bẹ̀rẹ̀, owó ọdún tó kọjá lọ́jọ́ mìíràn, kí akápò ìgbà yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ owó ọdún tó kọjá ló máa jẹ gbogbo àkókò, tíkẹ́ẹ̀tì á sì tún di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n bá sì dáhùn pé "Rárá, wákàtí kan náà ni" láìsọ ìdí, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a máa sọ, kì í ṣe ìkẹrin. Ìyẹn nìkan ti tó. Ó sì ní ìdí mìíràn tí ẹ lè fi sọ ọ́ láìbínú ẹnikẹ́ni: bí ẹ bá ń lo Zoom ọ̀fẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 ló máa já ìpàdé fúnra rẹ̀. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ ni gígé yẹn máa bá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má gbàgbé pé a kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìkí ara wa. Mo ti rí àwọn tó ṣírò ìṣẹ́jú 15 bí ẹni pé àdúrà àti ìkíni kò sí, tí wọ́n wá ń dá ẹ̀gbọ́n dúró níbi tó ti ń béèrè àlàáfíà ilé. Kò bójú mu, kò sì yára. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Ẹ fi méjì sọ iye owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹnì kan kò ní tíì kà á, kí ẹ má tan ara yín. Ẹni mẹ́fà, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì fún àríyànjiyàn tó bá kù, méjì tó kẹ́yìn fún kíka ohun tí a fẹnu kò lé lórí sókè. Ó pé 15.

Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Cyril Northcote Parkinson, òpìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1957: ìgbìmọ̀ kan ń fọwọ́ sí ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì láìjanpata, ṣùgbọ́n wọ́n jiyàn títí lórí àtíbàbà kẹ̀kẹ́ ológeere, nítorí pé gbogbo wọn ló mọ àtíbàbà. Tiwa ni àwọ̀ aṣọ ọjọ́ àsè. Bí ẹnì kan bá dá a sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ bi í bóyá á gbà láti mú àwọ̀ méjì wá sójú WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí a fún níṣẹ́ kì í sábà bínú pé a dá òun lẹ́kun.

Bí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì tí ohùn ṣì pín mẹ́ta sí mẹ́ta, ìgbà yẹn ni wákàtí tí ẹ fi pa mọ́ wúlò. Ẹ bi alága pé ṣé kí a máa bá a lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i ni, àbí òun máa fi ìbò tirẹ̀ yanjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sójú ẹgbẹ́: iye tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa tà á, àti ọjọ́ tí títà máa parí.