Kí Ló Tẹ Omi?
Nínú omi, ọ́síjìn kan ló di háídírójìn méjì mú. Èèyàn lè rò pé wọ́n tò gbọọrọ, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n tẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló fà á: méjì-méjì ni wọ́n ń pín yí átọ́ọ̀mù ká, méjì kọ̀ọ̀kan sì ń ti èkejì jìnnà.

Nínú mẹ́tẹ́ènì, ìdì mẹ́rin ló yí kábọ́ọ̀nù ká, gbogbo wọn ló sì di háídírójìn mú. Kí wọ́n lè jìnnà síra dọ́gba, ọ̀kan kọjú sókè, mẹ́ta yòókù yà sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Igun àárín wọn jẹ́ dígírì 109.5.

Ọ́síjìn inú omi náà ní ìdì mẹ́rin, àmọ́ méjì níbẹ̀ ò di nǹkan kan mú. Àwọn wọ̀nyí ló ń gba àyè jù. Wọ́n fún háídírójìn méjèèjì mọ́ra, igun wá dín sí 104.5. Òfin yìí sọ pé igun á dín, kò sọ iye tó máa dín.