Ọghẹnẹ di á»Œgháº¹náº¹: bí a ṣe ń tún lẹ́tà tó dàrú ṣe nínú Excel

Ká ní akọ̀wé ìjọ kan ní Warri fẹ́ kó orúkọ àwọn ọmọ ìjọ láti inú fáìlì CSV àtijọ́ sínú Excel. Ó tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Níbi tó yẹ kó ti rí Ọghẹnẹ, orúkọ tí àwọn Urhobo ń pe Ọlọ́run, á»Œgháº¹náº¹ ló bá níbẹ̀. Fáìlì kò bàjẹ́ o. Excel ló ṣì í kà.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní báìtì ni kọ̀mpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Nínú ìlànà UTF-8, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ẹ ń gbà: 225, 186 àti 185. Ìlànà Windows-1252 àtijọ́ ní tirẹ̀ ń ka báìtì kan sí lẹ́tà kan, ni 225 bá di á, 186 di º, 185 di ¹. Ìdí nìyẹn tí Ọghẹnẹ, lẹ́tà mẹ́fà péré, fi di méjìlá. Bí lẹ́tà kan bá ti di mẹ́ta báyìí, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmì ìbéèrè ló burú: bó bá wà nípò lẹ́tà náà títí kan inú Notepad, lẹ́tà ọ̀hún ti lọ, àfi kí ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ má tẹ Save rárá. Ẹ ti fáìlì náà, ẹ ṣí ìwé òfìfo, kí ẹ lọ sí Data, lẹ́yìn náà From Text/CSV. Níbi File Origin, ẹ mú 65001: Unicode (UTF-8), orúkọ á tò lójú yín kí ẹ tó tẹ Load. Bí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ padà, CSV UTF-8 (Comma delimited) ni kí ẹ mú. CSV lásán kò ní àyè fún lẹ́tà ẹ, òun ló ń sọ ọ́ di àmì ìbéèrè.

Bí ẹnì kan bá ti fi èyí tó dàrú pamọ́, tí ojúlówó sì ti sọnù, Python lè dá a padà, bí s bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dàrú náà:

```
s.encode("cp1252").decode("utf-8")
```

Ọghẹnẹ á bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọmọ, àṣìṣe ló máa gbé jáde. Báìtì kẹta ọ kékeré, 141, kò ní lẹ́tà kankan nínú Windows-1252, nítorí náà kò hàn sójú. á» nìkan lẹ máa rí, síbẹ̀ LEN á kà á sí mẹ́ta. Ẹni tó bá kàn fi ọ rọ́pò á» á fi èyí tí kò hàn sílẹ̀, kò sì ní rí orúkọ náà mọ́ bó bá ń wá a. Nínú Excel, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
=SUBSTITUTE(A2,"á»"&UNICHAR(141),"ọ")
```

Ibi tí gbogbo èyí ò ti ṣiṣẹ́ ni fáìlì tí wọ́n fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀ láyé àtijọ́, níbi tí lẹ́tà kan ti di lẹ́tà àjèjì kan péré. Irú ìyẹn, ẹ béèrè orúkọ fọ́ǹtì náà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.